Lẹ́tà Tí Télọ̀ Kọ Sí Ilé-iṣẹ́ Tẹ́tẹ́

Bí ẹnì kan bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí fóònù pé "ẹ bá mi ti àkáǹtì mi," wọ́n lè tì í lónìí, kí wọ́n tún ṣí i lọ́la tó bá ti bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀ lára nílò ju ìyẹn lọ. Kí ó ní kí wọ́n yọ òun kúrò fún iye ọdún kan pàtó, kí wọ́n má sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun títí ọdún náà á fi pé. Kí ó sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ ń tì í lójú, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ò mọ̀.

Ká ní télọ̀ kan ní Múṣin ti fi owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀, ₦180,000, ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Lẹ́tà rẹ̀ lè lọ báyìí:

"Èmi ni mo ni àkáǹtì tó wà lórí nọ́ńbà fóònù yìí. Mo ti fi owó iléèwé àwọn ọmọ mi ta tẹ́tẹ́, mi ò sì lè dá ara mi dúró mọ́. Ẹ yọ mí kúrò fún ọdún márùn-ún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ má jẹ́ kí n ṣí àkáǹtì míì, ẹ má sì fi bónọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹ san owó tó kù sí báǹkì mi, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ tì í ránṣẹ́ sí mi."

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni àkáǹtì kejì, èyí tí ó fi síìmù ìyàwó rẹ̀ ṣí. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló máa gbà padà. Orúkọ ìyàwó ló wà lórí síìmù yẹn, nítorí náà kí ìyàwó fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fèsì, kí ó gbìyànjú láti wọlé. Bí àkáǹtì bá ṣí, tàbí tí bónọ́ọ̀sì tún dé lọ́jọ́ Sátidé, wọn ò tíì ṣe é nìyẹn. Kí ó ya àwòrán ojú fóònù náà, kí ó sì mú un pẹ̀lú lẹ́tà lọ fún àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rọrùn díẹ̀. Bó bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí GAMSTOP, gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ ní Bìrìtéènì gbọ́dọ̀ tì í síta, fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Ti Múṣin ò rí bẹ́ẹ̀: lẹ́tà tí télọ̀ kọ sí ilé-iṣẹ́ kan, ti ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ni. Ó ní láti kọ ọ́ sí gbogbo ibi tó ti ń ta.

Lẹ́tà ò tiẹ̀ lè dé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí wọ́n ti ń gba owó láìbéèrè orúkọ. Fún ìyẹn, kí àwọn oníbàárà máa san owó aṣọ tààrà sí àkáǹtì báǹkì ìyàwó rẹ̀.