Kí Olùkọ́ Tó Pe Akẹ́kọ̀ọ́ Lólè

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, gbé ẹ̀rọ kan jáde tí yóò máa sọ bóyá ènìyàn ló kọ iṣẹ́ kan tàbí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, wọ́n ti gbé e kúrò nílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé kò ṣeé gbára lé. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un, 26 péré ló rí mú nínú gbogbo 100 iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kọ, bẹ́ẹ̀ ló sì nàka sí 9 nínú 100 tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò yẹn wọ kíláàsì. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 200 ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí 20 nínú wọn sì ní kí ChatGPT bá àwọn kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà yóò mú bíi 5 nínú àwọn 20 yìí. Nínú àwọn 180 tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, yóò mú bíi 16. Orúkọ 21 ni olùkọ́ yóò bá níwájú rẹ̀, aláìṣẹ̀ sì ni 16 nínú wọn.

Àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn ìyẹn sàn jù ú lọ, mi ò jiyàn. Turnitin sọ pé àṣìṣe tòun kò tó 1 nínú 100. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà wá gbé e lé iṣẹ́ 75,000 tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́dún 2022, wọ́n sì rí i pé bíi 750 ni wọn ì bá purọ́ mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n pa á.

Ohun tí ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń wò jù ni bóyá ọ̀rọ̀ tó kàn rọrùn láti mọ̀ ṣáájú. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ sábà máa ń dúró sórí ọ̀rọ̀ tó dá a lójú, ibẹ̀ ló sì ti ń kó sí wàhálà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ méje lọ́dún 2023. Ó kéré tán, ẹ̀rọ kan nàka sí 89 nínú wọn. Gbogbo ẹ̀rọ méjèèje pohùn pọ̀ lórí 18. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá gbé iṣẹ́ kan wọ ẹ̀rọ mẹ́ta, tó wá ní òun ti rí ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ẹlẹ́rìí kan náà ló pè lẹ́ẹ̀mẹta. Kí àwa tó ń kàwé ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ká wá mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹ̀rọ kọ 80% sí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé ó ku 20% kó jàre. Lórí Turnitin, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ fura sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tó kọ. Ìfura ṣì ni. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ lọ ni àwọn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ní òun tọ́ka sí. ChatGPT a máa hùmọ̀ ìwé tí kò sí láyé: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ojú ewé, gbogbo rẹ̀ á pé. Tí ìwé mẹ́ta bá wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ọ̀rọ̀ ti wúwo ju 80% lọ.

Lẹ́yìn náà, kó béèrè bí iṣẹ́ náà ṣe dàgbà. Google Docs máa ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe, a ó sì rí i bóyá ìpínrọ̀ ń gùn díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń pa gbólóhùn rẹ́, tàbí gbogbo rẹ̀ já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ kó rọra. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ń fi bírò kọ iṣẹ́, tí wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tó ń tẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Orúkọ onítẹ̀wé ni fáìlì yóò gbé, wákàtí kan péré ni yóò sì fi hàn. Ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n fagi lé káàkiri ni ẹ̀rí níbẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni kó pè é jókòó, pẹ̀lú olùkọ́ mìíràn níbẹ̀, kó sì ti sọ fún un ṣáájú ohun tí wọ́n fẹ́ bi í. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí ló dé tó fi yan àpẹẹrẹ yìí? Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí? Tí ẹ̀rù bá ń bà á tí Gẹ̀ẹ́sì ń dí i lọ́wọ́, kí wọ́n jẹ́ kó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ìmọ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹni tí kò lè ṣàlàyé, tí kò ní àfọwọ́kọ, tí ìwé rẹ̀ kò sì sí láyé, ẹjọ́ tirẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé 80% nìkan ni wọ́n ní lọ́wọ́, kí wọ́n máàkì iṣẹ́ rẹ̀ bí ti àwọn yòókù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ju ìwé àfọwọ́kọ yín nù títí èsì yóò fi jáde.