Ògiri là láti igun fèrèsé dé òrùlé: Lẹ́tà tí ẹnjiníà kọ sí onílé kan ní Ìkòròdú

Inú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru, ni obìnrin kan tó ń ta pírófíṣàn níwájú ilé rẹ̀ ní Ìkòròdú ṣàkíyèsí pé ògiri ṣọ́ọ̀bù òun ti là. Igun òkè fèrèsé, lápá ọ̀tún, ni ibi tó là náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń gba ojúpọ̀ búlọ́ọ̀kù lọ bí àtẹ̀gùn, ó dagun sápá ọ̀tún, títí tó fi kan òrùlé. Aránṣọ tó háyà yàrá kejì ti sọ pé òun yóò kó jáde. Bíríkìlà tó wá wò ó ní símẹ́ńtì díẹ̀ lòun yóò fi dí i, kò sí wàhálà. Ohun tó ká obìnrin náà lára jù ni pé ó ti ń tu owó jọ láti kọ́ òkè lé ilé náà, kí owó ilé lè pọ̀ sí i.

Kò gbọ́ ti bíríkìlà. Ẹnjiníà tó ń yẹ agbára ilé wò ló lọ bá, ọkùnrin náà sì wá lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ lẹ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Màmá, ẹ kú àmójútó ilé. Ilé yín kò ní í wó lónìí, ẹ kò sì ní láti lé ayálégbé yín jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé búlọ́ọ̀kù kankan lé e lórí o.”

Ó ṣàlàyé pé bí gbogbo ilé bá rì pọ̀ lọ́gbọọgba, ògiri lè má là rárá. Apá kan tó ń rì nígbà tí apá kejì dúró ló ń fa ògiri ya, igun fèrèsé ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ya, torí ibẹ̀ ni ògiri ti rọ jù. Ó ní kí màmá fi igi rúlà gé ibi tó là náà kọjá bí àmì àgbélébùú, kí ó wo ibi tí ẹnu rúlà kọjú sí nísàlẹ̀. Igun ilé lápá ọ̀tún ni. Ibẹ̀ gan-an ni gọ́tà òrùlé ti ń da omi sílẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé àtàǹpàkò ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ní igun kejì tí omi kì í dé, díńgà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Kí ló wá mú un dá a lójú pé kò tíì léwu? Ibi tó là náà fẹ̀ tó mìlímítà 4 lókè, ó sì ń tín-ín-rín títí tó fi parẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ní ìwọ̀n kan tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ilé kíkọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde: ibi tó là tí kò ju mìlímítà 5 lọ, ẹwà ilé ló máa ń bà jẹ́ jù, bó bá ti kọjá 25, ilé lè má dúró mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà náà kò gbọ́kàn lé ìwọ̀n yẹn nìkan. Ó fi ọwọ́ ra ojú ògiri, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì dọ́gba, ìkan kò yọ síta ju èkejì lọ. Ó so òkúta mọ́ okùn, ògiri kò fì síta. Líńtẹ̀lì orí fèrèsé kò là. Ilé náà kò ní òkè, páànù lásán sì ni ògiri gbé.

Ó kìlọ̀ pé bó bá jẹ́ ilé alájà ni, tí pílà tàbí bíìmù ló là, kí wọ́n jáde kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ibi tó là bá ṣàdédé fẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Iṣẹ́ tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò náni ní owó púpọ̀: kí wọ́n fi páìpù gbé omi gọ́tà jìnnà sí ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó là, kí wọ́n máa wọn àárín àmì méjèèjì lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Símẹ́ńtì tí bíríkìlà fẹ́ fi dí i kò burú, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ilẹ̀ tó ṣì ń rì yóò tún un là, símẹ́ńtì yóò sì ti bo ohun tó yẹ kí wọ́n máa wò. Bí àmì náà bá ṣì ń sún lẹ́yìn tí omi ti kúrò, a jẹ́ pé wọ́n máa gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á sì da kọnkéré sí i, lápá kan lápá kan tí kò ju mítà 1 lọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí i sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ògiri lè wó lé òṣìṣẹ́ lórí.

Mìlímítà 4 ni ibi tó là náà wà lóṣù keje. Ó di 4 àti ààbọ̀ lóṣù kẹjọ, kí wọ́n tó parí páìpù. Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá, kò sún mọ́. Aránṣọ kò kó jáde mọ́. Ní ti òkè tí màmá fẹ́ kọ́, ẹnjiníà ní kó dúró kí òjò ọdún tó ń bọ̀ kọjá, kí wọ́n tún gbẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, nítorí ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2 yẹn, páànù ni wọ́n fi ń wọn ẹrù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà.