Ta ló ń jí àkókò sáfà yín? Haipafáísà àti aládùúgbò aláriwo

Ìbéèrè kan ló bí ètò tòní. Èèyàn ra àyè lórí sáfà kan láti máa fi tún ohùn ètò rédíò rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní sípíyù 4 ló ní. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ náà gba ìṣẹ́jú 12. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ kan náà gba ìṣẹ́jú 20, kò sì yí ohunkóhun padà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ohun tí ẹni yẹn rà kì í ṣe odidi kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà níbìkan tí òun àti àwọn mìíràn jọ ń lò, tí ẹnì kan kò sì mọ ẹnì kejì. Ètò tó ń pín in fún wọn la ń pè ní haipafáísà. Ìpín tó gé fún oníkálukú, tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà tó dá dúró, ni fátúà maṣíìnì. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ayálégbé, torí pé bí ilé oníyàrá púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ráàmù bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ògiri ti le jù. Ibi kọ̀ọ̀kan nínú ráàmù ló ní nọ́ńbà, bíi nọ́ńbà ojúlé, láti 0 lọ sókè. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan gbà pé láti 0 ni ti òun bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó wúlò ni. Haipafáísà ní ìwé ojúlé kan fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan, tó fi hàn pé 0 ti ẹni àkọ́kọ́ wà níbí, 0 ti ẹnì kejì wà lọ́hùn-ún. Sípíyù fúnra rẹ̀ ló ń yẹ ìwé yìí wò nígbàkigbà tí ayálégbé bá fẹ́ fọwọ́ kan ráàmù. Yàrá tí kò bá sí nínú ìwé tirẹ̀, kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà tó lè fi pè é.

Ti sípíyù yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ayálégbé ló ń lọ tààrà lórí sípíyù gan-an, haipafáísà kì í dá sí i. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ṣe ohun tó kan gbogbo ilé, irú bíi kó bá ẹ̀rọ dísíkì sọ̀rọ̀, sípíyù á dá a dúró, á sì fà á lé haipafáísà lọ́wọ́. Haipafáísà á yẹ̀ ẹ́ wò, á bá a ṣe é, á sì ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Íńtẹ̀ẹ̀lì kọ́ irú ìdádúró yìí mọ́ inú sípíyù rẹ̀ ní 2005, AMD ṣe tirẹ̀ ní 2006. Ní 2007, haipafáísà tí wọ́n ń pè ní KVM wọnú Líńọ́ọ̀sì, tó sì gbára lé e.

Ó dáa. Ògiri wà láàárín yàrá sí yàrá. Kí ló wá dé tí ọ̀kan tún fi ń ni èkejì lára? Torí pé àyè ni wọ́n pín. Àkókò, wọ́n jọ ń lò ó ni. Haipafáísà ń fi aago sí ìdí ayálégbé tó wà lórí sípíyù. Bí aago bá dún, ó lè gbé e kúrò kó sì gbé ẹlòmíràn sí i. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé kan ní sípíyù 32 ní tòótọ́. Onílé gba ayálégbé 24, ó sì ṣèlérí sípíyù 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlérí náà di 96, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ má tíì pè é ní jìbìtì. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi kéré. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ àṣekára, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí. Ó dà bí ilé tí gbogbo yàrá jọ ń pọn omi nínú táǹkì kan. Ẹni tó ń fọṣọ láti àárọ̀ kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni, àmọ́ omi ẹ̀rọ yín ti ń kán tótó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aládùúgbò aláriwo.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ẹ tẹ `top` sórí Líńọ́ọ̀sì yín, kí ẹ wá ìlà yìí:

```
%Cpu(s): 55.2 us, 3.9 sy, 0.0 ni, 0.8 id, 0.0 wa, 0.0 hi, 0.1 si, 40.0 st
```

`us` ni àkókò tí ètò yín fi ṣiṣẹ́. `id` ni àkókò tí kò rí nǹkan ṣe. `wa` ni ìgbà tó ń dúró de dísíkì. `st`, tó wà lópin, ni àkókò tí wọ́n jí: ayálégbé yín ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹlòmíràn ló wà lórí sípíyù. Haipafáísà ló ń kọ iye náà síbi tí ayálégbé ti lè kà á. Bí onílé kò bá jẹ́ kó kọ ọ́, 0 lẹ máa rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń jí i.

Ẹ wo 40 tó wà níbẹ̀. Ó kù 60 nínú 100. Iṣẹ́ tó ń gba ìṣẹ́jú 12, bó bá jẹ́ 60 nínú 100 ló rí, ìṣẹ́jú 20 ló máa gbà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má tíì bá aládùúgbò jà, o. Àwọn àyè olówó pọ́ọ́kú kan wà tí onílé fi ìwọ̀n sí: bí ẹ bá lo sípíyù kọjá iye tí ẹ san owó rẹ̀, á dá yín dúró, `st` á sì lọ sókè. Bí ẹ ṣe lè dá wọn mọ̀ ni pé kí ẹ ṣe iṣẹ́ kan náà ní wákàtí oríṣiríṣi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ sì máa kọ `st` sílẹ̀. Bó bá ń dúró sójú kan náà ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, ó jọ pé ìwọ̀n tiyín ni. Bó bá jẹ́ 1 láàárọ̀ tó sì di 40 lálẹ́, ó jọ pé ará ilé ni.

Ariwo kan sì wà tí `st` kì í gbọ́. Bí aládùúgbò bá ń da dísíkì láàmú, `wa` ló máa ga. Èyí tó ṣòro jù ni ti káàṣì, ráàmù kékeré tó yára gan-an tó wà nínú sípíyù, tí ọ̀pọ̀ ayálégbé sábà jọ ń lò. Bí ẹlòmíràn bá ń kó ẹrù yín kúrò níbẹ̀, `us` á kún dáadáa, `st` á wà ní 0, iṣẹ́ kò sì ní yá. Aago nìkan ló máa sọ fún yín.

Kí ni ṣíṣe? Kí ẹ tó lọ ra sípíyù 8 dípò 4, ẹ rántí pé inú ilé kan náà lè gbà yín padà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, títan ayálégbé padà láti inú rẹ̀ kì í gbé e kúrò nínú ilé tó wà. Pípa á pátápátá lórí pátákó onílé, kí ẹ tó tún tan án, ló sábà máa ń gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi àkọsílẹ̀ `st` yín ránṣẹ́ sí onílé. Ó lágbára láti fi ìwọ̀n sí aláriwo tàbí kó kó yín lọ síbòmíràn. Bí iṣẹ́ yín kò bá sì gba ìdádúró rárá, àyè tí sípíyù rẹ̀ jẹ́ tiyín nìkan ló kù, owó rẹ̀ á sì jùyẹn lọ.

Ibi tí a ó dúró sí nìyí. Bí `st` yín bá ti ga rí, ẹ kọ iye àti wákàtí rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.