Ta Ló Jẹ Ègé Ẹran Mẹ́jọ? Iṣẹ́ Kan fún Ẹni Tó Mọ Oúnjẹ Sè, Tó Tún Mọ Ìwé Owó Kọ

Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹni tó mọ oúnjẹ sè kò wọ́n, ẹni tó lè kọ ìwé owó náà sì wà káàkiri. Èyí tó wọ́n ni ẹni tó lè dúró nídìí ààrò, kó wo bí ẹran ṣe ń hó nínú ìkòkò, kó sì sọ iye owó tó ń ṣòfò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ méjèèjì níwọ̀nba lè sọ ọ́ di iṣẹ́: kó máa bá àwọn olóúnjẹ ṣírò iye tí àwo kan ń ná wọn gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá olóúnjẹ kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹran dídín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ra ẹran kílò 5, ní ₦6,000 fún kílò kan. Ìyẹn jẹ́ ₦30,000. Gáàsì, òróró, ata àti àlùbọ́sà tó bá ẹran náà lọ jẹ́ ₦6,000. Ó gé e sí ègé 50, ó sì ń ta ègé kan ní ₦800. Lójú tirẹ̀, ₦40,000 ló ń wọlé, ₦36,000 ló ná, ó jèrè ₦4,000. Síbẹ̀, bó bá fẹ́ padà lọ sọ́jà, owó ẹran kì í pé.

Bí akọ̀wé owó nìkan bá wá, ìwé ni yóò wò, yóò sì bá ìyá yìí gbà pé èrè wà. Ẹni tó mọ ìdáná yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ègé mélòó lẹ rí owó rẹ̀ gbà lánàá?” Wọn yóò jọ kà á: 42 péré. Mẹ́ta ti fọ́ sínú ìkòkò, wọ́n sì ti fi èérún wọn kún ti ẹlòmíì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ méjì. Ọ̀kan lọ síbi ìtọ́wò. Méjì jẹ́ èènì fún àwọn oníbàárà tó rajà púpọ̀. Ègé 42 ní ₦800 jẹ́ ₦33,600. Kàkà kí màmá jèrè, ₦2,400 ló ń pàdánù lójoojúmọ́ lórí ẹran nìkan.

Kí ni ká ṣe? Ìwé owó yóò ní kí wọ́n sọ ọ́ di ₦900, ṣùgbọ́n oníbàárà lè yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọwọ́ ìdáná mọ ọ̀nà tó rọrùn jù. Ẹran tí a bá gé wẹ́wẹ́ ní tútù máa ń tètè fọ́ bó bá ń hó. Kí wọ́n bọ̀ ọ́ ní ògìdìgbó tó tó ìkúùkù, kó tutù díẹ̀, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó dín in. Ó lè jẹ gáàsì díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí ègé mẹ́ta yẹn bá padà, 45 ni màmá yóò tà. Ní ₦800, ìyẹn jẹ́ ₦36,000, owó tó ná gan-an. Bó bá wá fi ₦50 péré lé e, ₦38,250 ló máa wọlé, èrè ₦2,250. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèǹgbè.

Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà kò le. Lọ́jọ́ kìíní, bá olóúnjẹ lọ sọ́jà pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré, kí o sì kọ iye ohun gbogbo sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọn ẹran ní tútù, kí o tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá jinná, nítorí ó máa ń dín kù dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, jókòó tì í níbi tó ti ń tà. Lẹ́yìn èyí, fi ìwé olójú-ewé kan sílẹ̀ fún un: iye ègé tó jáde láàárọ̀, iye tó kù lálẹ́, owó tó wọlé. Bí mẹ́ta yìí kò bá dọ́gba, ihò wà níbì kan, o ó sì mọ ọjọ́ tó ṣí.

Gba owó kan fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí o sì gba kékeré lóṣooṣù láti tún ìṣirò náà ṣe, nítorí ìṣirò oṣù tó kọjá ń tan ni jẹ bí owó ẹran bá ti gòkè. Ẹni tó ń se ìkòkò kan lóòjọ́ lè má lè san án. Àwọn alásè òde àríyá àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì sí mẹ́ta ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Má ṣe gbé àṣírí olóúnjẹ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, àgàgà bí wọ́n bá wà ládùúgbò kan náà. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ ìwé owó tí aṣàyẹ̀wò ìṣirò gbọ́dọ̀ buwọ́ lù, darí rẹ̀ sọ́dọ̀ aṣírò owó tó ní ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ tìrẹ parí sórí àwo.