Àpáta Tó Ń Wọ Abẹ́ Jàpáànù

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, etíkun Òṣíkà ní Jàpáànù sún sínú òkun ní nǹkan bíi mítà 5, ó sì rì ju mítà kan lọ. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló fà á.

Awẹ́ àpáta ńláńlá ló so pọ̀ di ojú ayé, gbogbo wọn ló sì ń rìn. Èyí tó wà lábẹ́ òkun Pàsífíìkì ń wọ abẹ́ Jàpáànù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ́dún. Ṣùgbọ́n ibi tí àpáta méjèèjì ti fara kanra máa ń há. Ti ìsàlẹ̀ kò yéé wọlé, ó ń fa etí ti òkè mọ́ra, etí náà sì ń tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ ń fà, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Lọ́jọ́ tí ibi tó há bá já, á ta padà. Lọ́dún 2011, ó ta padà, ó ti omi òkun sókè, omi ya wọ ìlú, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún 15 èèyàn tó kú.

Awẹ́ kan náà ló ń bí àwọn òkè ayọnáyèéfín ibẹ̀, kì í sì í ṣe torí pé àpáta ń ha ara wọn. Omi ni! Àpáta abẹ́ òkun ti fa omi mu. Tó bá rì tó nǹkan bíi kìlómítà 100, omi náà á jáde wọ inú àpáta gbígbóná tó wà lókè rẹ̀. Ooru tí kò lè yọ́ àpáta gbígbẹ á yọ́ èyí tí omi wọ̀. Èyí tó yọ́ fúyẹ́, á sì máa gòkè.

Kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí ibi tó há yóò já. Bí ẹ bá wà létíkun irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ sì mì gidi, ẹ má dúró de ìkéde: ẹ sá lọ sórí òkè.