Àtẹ̀jíṣẹ́ Òfìfo Tó Ń Dé Lóru

Màígádì kan gba iṣẹ́ òru ní ilé ìpamọ́ ẹja dídì kan ní Ìbàdàn. Ọ̀gá rẹ̀ fún un ní fóònù kékeré tí màígádì àtijọ́ fi sílẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì, fóònù náà dún. Bàbá ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kò rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Nọ́ńbà tó fi í ránṣẹ́ kò sì ní orúkọ. Ó pè é padà. Ó dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

Àwọn ojúgbà rẹ̀ ní kó sọ síìmù náà nù, pé ta ló mọ ọwọ́ tó ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, bàbá fa ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àlejò yọ, ó ń kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé àti ohun tó ń lọ nínú ọgbà nígbà náà. Lóru kan, ohun tó kọ nìyí: 11:42, iná lọ, 1:15, iná dé, 4:03, iná tún lọ. Kò sí èyí tó dé láìjẹ́ pé iná lọ tàbí iná dé.

Nílẹ̀ mọ́, ó fi ìwé náà han oníṣẹ́ iná. Wọ́n wá ẹ̀yìn yàrá tútù, wọ́n sì rí àpótí kékeré kan tó ní eriali, tí síìmù wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ iná yọ ọ́ kúrò lára iná. Kò pẹ́ rárá tí fóònù bàbá fi dún: òfìfo.

Aago ìkìlọ̀ ni àpótí náà. Ó ní bátìrì tirẹ̀, kó lè ránṣẹ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ló yẹ kó tẹ ọ̀rọ̀ tí yóò máa fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà fóònù màígádì, ṣùgbọ́n kò tẹ ọ̀rọ̀.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ìwọ̀n òtútù -18°C ni wọ́n ń tọ́jú ẹja dídì sí. Bí òfìfo kan náà bá ń jẹ́ “iná lọ”, tó tún ń jẹ́ “iná dé”, tó sì tún ń jẹ́ “yàrá ti ń gbóná”, màígádì kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó tan jẹnẹrétọ̀.

Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan, bàbá sì fi orúkọ “Aago Yàrá Tútù” pa nọ́ńbà náà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú aago yìí, ẹ máa fi owó sórí síìmù rẹ̀, torí bí owó bá tán, kò lè ránṣẹ́ mọ́. Ẹ máa yọ ọ́ lára iná lóṣooṣù láti dán an wò. Bí màígádì tuntun bá sì dé, ẹ fi àpótí náà hàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́.