Rọ́sítà Tí Kò Ní Dá Ìjà Sílẹ̀ ní Wọ́ọ̀dù

Ká mú wọ́ọ̀dù kan tí iṣẹ́ àárọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ láago 8, tí ti ọ̀sán ń bẹ̀rẹ̀ láago 2, tí àwọn tó bá wọlé láago 8 alẹ́ kò sì ní kúrò títí di aago 8 àárọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ kan níbẹ̀ tó iṣẹ́ ọ̀sán méjì. Nọ́ọ̀sì méjì lè wá síṣẹ́ fún ọjọ́ 21 láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Bí ọ̀kan bá ṣe alẹ́ 12 nínú rẹ̀, wákàtí 198 ló ṣe. Èkejì tó ṣe alẹ́ 2 péré ṣe 138. Mátírọ̀nù tó ń ka ọjọ́ á ní wọ́n dọ́gba.

Wákàtí ni kó máa kà. Ká ní nọ́ọ̀sì 8 ló wà, tí ẹni 2 gbọ́dọ̀ wà láàárọ̀, 2 lọ́sàn-án, 2 lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ 4 á gba wákàtí 1,344. 168 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àárọ̀ 7, ọ̀sán 7, alẹ́ 7, ìsinmi 7. (Bí ẹnì kan bá lọ lívù, ẹ tún un pín.)

Ọ̀pọ̀ rọ́sítà ara ògiri ló ń to orúkọ sábẹ́ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ kan ti ń bọ́ sójú méjì lọ́jọ́ kan láìfura. Nínú Excel, ẹ to orúkọ sí ẹ̀gbẹ́, láti ìlà 2 dé 9, kí ọjọ́ wà lókè. Àpótí kan, lẹ́tà kan: M fún àárọ̀, A fún ọ̀sán, N fún alẹ́, O fún ìsinmi. Bí wọ́ọ̀dù míì bá ń yá nọ́ọ̀sì yín lò, ojú ìwé kan náà ni kí ẹ jọ máa lò.

Ewu tó kù ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n tún kọ síṣẹ́ àárọ̀ tàbí ọ̀sán ọjọ́ náà. Ẹ kọ ọjọ́ tó parí rọ́sítà tó kọjá sí òpó B, kí ọjọ́ kìíní bẹ̀rẹ̀ ní C. Ẹ yan C2 dé AD9, ẹ ṣí Conditional Formatting, kí ẹ fi èyí fún un ní àwọ̀ pupa:

```
=AND(B2="N",OR(C2="M",C2="A"))
```

Wákàtí ẹni àkọ́kọ́ wà ní AE2. Ẹ fà á dé AE9:

```
=6*(COUNTIF(C2:AD2,"M")+COUNTIF(C2:AD2,"A"))+12*COUNTIF(C2:AD2,"N")
```

Ẹ kọ èyí sí C10, kí ẹ fà á dé AD10, kó máa ka àwọn tó wà lálẹ́:

```
=COUNTIF(C$2:C$9,"N")
```

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹnì kan bá tẹ àlàfo lẹ́yìn N, ojú kò ní rí i, Excel kò sì ní kà á: wákàtí onítọ̀hún á dín, pupa kò ní yọ. Ṣùgbọ́n iye ìsàlẹ̀ á di 1 dípò 2. Data Validation, tó ń jẹ́ kí wọ́n mú lẹ́tà látinú àkójọ, ló ń dènà rẹ̀.

Fọ́múlà wọ̀nyí kò mọ ọjọ́ Àìkú. Kálukú lè ní 168, kí ẹnì kan má sì ráyè lọ ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Ẹ ka Àìkú sí òpó ọ̀tọ̀: ọjọ́ Àìkú 4, ẹni 6 lọ́jọ́ kan, jẹ́ 24. Mẹ́ta ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ìkan tó kù sinmi.